Bí a ṣe ń fi ìwé ìdánwò àtijọ́ kọ́ taitiréṣọ̀n, láti orí ìbéèrè dé inú àtẹ èsì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ka ìbéèrè pírátíkà kẹ́mísírì àtijọ́ lójú lásán. Wọ́n á ka ìbéèrè tán, wọ́n á ṣí ìdáhùn wò, wọ́n á ní ó ti yé àwọn, ó parí. Tó bá wá di ọjọ́ ìdánwò, wọ́n á kọ 24.9 síbi tó yẹ kí wọ́n kọ 24.90, wọ́n á gbàgbé cm³ lórí àtẹ, máàkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe kọ èsì sílẹ̀ ní máàkì tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí bí ọwọ́ ṣe da omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kálámù ló yẹ ká kọ́kọ́ fi ṣe ìdánrawò, ká tó fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì rárá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá mú, tí màá sì tẹ̀ lé dé òpin. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé ìdánwò:

> Omi A jẹ́ HCl, 0.100 mol/dm³. Omi B ní 14.3 g Na₂CO₃·xH₂O nínú 1 dm³. Da A sínú bùrẹ́ẹ̀tì. Fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25.0 cm³ B sínú fúláàsì, kí o fi mẹ́táìlì ọ̀rẹ́ǹjì ṣe atọ́ka. Kọ èsì rẹ sínú àtẹ, wá ìpíndọ́gba iye A tí o lò, kí o sì ṣírò x. (H = 1, C = 12, O = 16, Na = 23)

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka ìbéèrè pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́

Fa ìlà sábẹ́ ohun tó ń lọ sínú bùrẹ́ẹ̀tì, ohun tí pìpẹ́ẹ̀tì máa fà àti iye rẹ̀, àti atọ́ka tí wọ́n ní kí o lò. Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ pé nínú omi méjèèjì, èwo la ti mọ̀ tán? A ni. Wọ́n ti sọ ìwọ̀n kíki rẹ̀ fún wa ní móòlù. B ní tirẹ̀, gíráàmù nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n sì fi x pamọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà A ni ẹlẹ́rìí, B ni ẹni tí à ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo ìṣirò ọjọ́ náà máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ A ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ B yóò kàn máa yí kiri ni.

Kọ ìdọ́gba rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂

Yí òbírípo ká nọ́ńbà 2 tó wà níwájú HCl. A óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, torí òun ló máa ń dá ìṣirò rú jù.

Nígbà tí o bá ń fi ìwé àtijọ́ ṣe ìdánrawò, ṣírò iye A tí o rò pé o máa lò kó tó di pé o wo èsì kankan. A ò mọ x, ṣùgbọ́n a lè dán nǹkan wò. Ká ní kò sí omi kankan nínú kírísítà náà, ìyẹn ni pé x jẹ́ 0, móòlù kan á wúwo tó 106 g, iye A tí 25.0 cm³ B máa gbà á sì tó 67 cm³. Bùrẹ́ẹ̀tì tí à ń lò kò ju 50 cm³ lọ, nítorí náà kò dájú pé olùdánwò máa gbé irú ìyẹn kalẹ̀. Ká ní x jẹ́ 10, móòlù kan á wúwo tó 286 g, iye A á sì jẹ́ 25.0 cm³. Ìyẹn bójú mu.

Orí ìwé ìdánrawò ni kí ìṣirò yìí mọ o. Ohun tó wà fún ni kí o mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ ti rọ̀, kì í ṣe kí o gbé e sínú àtẹ bí èsì. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, olùkọ́ tó ń bójú tó pírátíkà máa ń fi omi kan náà ṣe taitiréṣọ̀n tirẹ̀, èsì rẹ̀ ni wọ́n sì máa fi wé ti akẹ́kọ̀ọ́. Tí omi tí wọ́n pò lọ́jọ́ náà bá kí díẹ̀ ju ohun tó wà lórí ìwé lọ, ẹni tó fi ìṣirò hùmọ̀ èsì ni àṣírí rẹ̀ máa kọ́kọ́ tú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ya àtẹ kó tó kan omi

Mú ìwé tó mọ́, kí o ya àtẹ náà láìwo ibì kankan. Lókè rẹ̀, kọ iye tí pìpẹ́ẹ̀tì gbà (25.0 cm³), iye tí bùrẹ́ẹ̀tì gbà (50 cm³) àti orúkọ atọ́ka. Orí ìlà mẹ́ta tó kàn ni ìkàsí ìparí, ìkàsí ìbẹ̀rẹ̀, àti iye A tí a lò. Ìkọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ní cm³ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìfojúdá, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti gidi.

Ìgbàkígbà tí o bá mú ìwé àtijọ́ mìíràn, àtẹ ni kí o kọ́kọ́ yà. Nígbà tí o bá wọ yàrá ìdánwò, kò yẹ kí o tún máa ronú nípa rẹ̀ mọ́. Báírò ni kí o fi kọ ọ́, má fi pẹ́ńsù. Tí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan gbọọrọ kọjá nọ́ńbà náà kí o sì kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi báírò pa rẹ́ títí tó fi dúdú, tàbí tí wọ́n kọ òmíràn lé lórí, kò ṣeé kà fún ẹni tó ń máàkì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ́ ojú rẹ láti ka bùrẹ́ẹ̀tì

Àwọn ìlà kéékèèké tó wà lára bùrẹ́ẹ̀tì fi 0.1 cm³ jìnnà síra. Ojú èèyàn lè pín àárín ìlà méjì sí ọ̀nà méjì láìṣì, ìyẹn ni 0.05. Ẹ̀kán omi kan tó jábọ́ láti ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì náà sì tó nǹkan bí 0.05 cm³. Ohun méjèèjì yìí ló bí òfin tí a mọ̀, pé nọ́ńbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pọ́ńtì, kí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ 0 tàbí 5. Ẹni tó kọ 24.9 ń sọ fún olùdánwò pé òun ò wo àárín ìlà. Ẹni tó kọ 24.87 ń sọ pé òun rí ohun tí ojú kò lè rí. Bákan náà, ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òdo gan-an, 0.00 là ń kọ ọ́, kì í ṣe 0.

Àṣìṣe kan wà tó pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Nọ́ńbà bùrẹ́ẹ̀tì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, torí iye omi tó ti jáde ló ń kà. Nítorí náà, tí ìsàlẹ̀ omi bá dúró lórí ìlà kan ṣoṣo lókè 25, 24.90 ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ rúlà àti sílíńdà ìwọ̀n á kà á lọ sókè, á sì kọ 25.10. Iye tí ìyẹn fi yẹ̀ jẹ́ 0.20, ó sì tó láti ba ìpíndọ́gba jẹ́.

O lè fi ìwé gíráàfù ṣe ìdánrawò èyí nílé. Ya òpó kan, kọ 24 sókè àti 25 sísàlẹ̀, pín àárín wọn sí mẹ́wàá. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ fa ìlà kan tó kọdọ̀ bí ojú omi sí ibi tó bá wù ú, kí o sì ka ìsàlẹ̀ kọdọrọ náà. Kó yí ibẹ̀ padà léraléra, kó sì máa fi àwọn kan sí àárín ìlà méjì gan-an. Tí o bá ti rí bùrẹ́ẹ̀tì tòótọ́, da omi lásán sínú rẹ̀, jẹ́ kí ogún ẹ̀kán jábọ́, kí o wò ó bóyá ó tó nǹkan bí 1 cm³. Fi ìwé funfun sẹ́yìn bùrẹ́ẹ̀tì náà, kí ojú rẹ sì wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú omi. Tí o bá kúrú, gùn orí nǹkan tàbí kí o sọ bùrẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ nínú ohun tó dì í mú. Má na ọrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ ọwọ́ gan-an

Ṣan bùrẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú A díẹ̀, pìpẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú B díẹ̀, fúláàsì pẹ̀lú omi mímọ́ nìkan. Ìbéèrè àtijọ́ fẹ́ràn láti bi ọ́ ní ìdí. Tí omi bá ṣẹ́ kù sínú bùrẹ́ẹ̀tì, á là mọ́ A, ìwọ̀n kíki A á dínkù, iye tí o máa lò á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí omi bá ṣẹ́ kù sínú pìpẹ́ẹ̀tì, B tó máa dé inú fúláàsì kò ní pé, iye A á sì kéré. Ti fúláàsì yàtọ̀. Omi inú rẹ̀ kò yí iye móòlù B padà, ṣùgbọ́n tí o bá fi B ṣàn án, B tó pọ̀ ju ohun tí pìpẹ́ẹ̀tì wọ̀n lọ ló máa wà níbẹ̀.

Yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lórí bùrẹ́ẹ̀tì kí o tó kọ ìkàsí ìbẹ̀rẹ̀, torí ó lè kán sínú rẹ̀ nígbà tí o ò wò ó. Wo ẹnu ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Tí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, ṣí i kí omi sáré gbé e jáde. Tó bá jẹ́ àárín iṣẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà jáde, A á kún àyè rẹ̀, bùrẹ́ẹ̀tì á sì kà á pé ó wọ inú fúláàsì. Ti pìpẹ́ẹ̀tì, má fẹnu fẹ́ ẹ̀kán tó kẹ́yìn jáde. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú 25.0 náà nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ẹ̀kán atọ́ka méjì sí mẹ́ta ti tó. Mẹ́táìlì ọ̀rẹ́ǹjì máa fi àwọ̀ ìyeyè hàn nínú B. Ti ìfojúdá, yára ṣe é, ibi tó bá ti di pupa ni kí o kọ sílẹ̀. Ti gidi, jẹ́ kí A ṣàn títí yóò fi ku nǹkan bí 2 cm³ kó dé iye ìfojúdá, kí o wá máa jẹ́ kó kán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa mi fúláàsì yípo. Fi omi mímọ́ díẹ̀ ṣan èyí tó ta sára ògiri fúláàsì wálé. Ẹ̀kán tó bá sọ ìyeyè di àwọ̀ ọsàn ni kí o dúró lé. Tó bá ti pọ́n, o ti kọjá rẹ̀. Ó dáa kí fúláàsì kan tó ní B àti atọ́ka nìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, torí ojú máa ń gbàgbé bí ìyeyè àkọ́kọ́ ṣe rí.

Jẹ́ ká sọ pé ohun tí o rí nìyí:

| | Ìfojúdá | 1 | 2 | 3 |
|---|---|---|---|---|
| Ìkàsí ìparí (cm³) | 25.40 | 24.90 | 49.80 | 24.80 |
| Ìkàsí ìbẹ̀rẹ̀ (cm³) | 0.00 | 0.05 | 24.90 | 0.00 |
| Iye A tí a lò (cm³) | 25.40 | 24.85 | 24.90 | 24.80 |

Ṣé o rí i pé èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 0.05? Kò pọn dandan kí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ òdo. Àkókò tí àwọn kan fi ń wá 0.00 kiri lórí bùrẹ́ẹ̀tì tó láti fi ṣe taitiréṣọ̀n kan. Èyí kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí àkọ́kọ́ parí sí, nítorí A ṣì tó nínú rẹ̀. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, rí i dájú pé kò ní kọjá 50.

Ìfojúdá kì í wọ inú ìpíndọ́gba. Àwọn mẹ́ta tó kù, èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù fi 0.10 péré jìnnà síra, nítorí náà a lè kó wọn pọ̀. Àwọn ìdánwò kan máa ń gba 0.20. Ohun tí ìwé tìrẹ bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Tí ẹ̀kẹta bá jẹ́ 25.20, kì í ṣe pé kí o pa á rẹ́ tàbí kí o gé e kúrú. Fi í sílẹ̀ nínú àtẹ bó ṣe wà, ṣe òmíràn tí àkókò bá wà, kí o má sì kà á mọ́ ìpíndọ́gba. Kọ ìṣirò náà jáde, má kọ ìdáhùn nìkan:

(24.85 + 24.90 + 24.80) ÷ 3 = 24.85 cm³

Ìpíndọ́gba kò sí lábẹ́ òfin 0 tàbí 5. Ká ní 24.85 àti 24.90 nìkan la kó pọ̀, 24.875 ló máa jáde, a óò sì kọ 24.88.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti yí

Ọ̀dọ̀ A la ti bẹ̀rẹ̀. Móòlù HCl = 0.100 × 24.85 ÷ 1000 = 0.002485. Na₂CO₃ kan ló ń gba HCl méjì, nítorí náà móòlù rẹ̀ nínú 25.0 cm³ jẹ́ 0.0012425. Nínú 1 dm³, ó di 0.0497 mol. Tí 0.0497 mol bá wúwo tó 14.3 g, móòlù kan wúwo tó 14.3 ÷ 0.0497 = 287.7 g. Yọ 106 ti Na₂CO₃ kúrò nínú 287.7, ó ku 181.7. Pín in sí 18, ó jẹ́ 10.09. Nọ́ńbà odidi ni x gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí náà x = 10. Má tíì gé nọ́ńbà kúrú láàárín ìṣirò. Ìparí là ń gé e.

Wàyí o, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe lórí ìwé kí o lè mọ ojú rẹ̀. Gbàgbé 2 tí a yí òbírípo ká, kí o ṣírò rẹ̀ bíi pé HCl kan fún Na₂CO₃ kan. Ìwọ̀n kíki B á di 0.0994, móòlù kan á wúwo tó 143.9 g, x á sì jẹ́ 2.1. Wò ó dáadáa: 2.1 sún mọ́ odidi, ó sì jọ òtítọ́! Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ x = 2, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ jáde. Nítorí náà, pé x sún mọ́ odidi kò tíì fi hàn pé ó tọ̀nà. Padà lọ wo ìdọ́gba.

Èyí kejì jẹ́ ti atọ́ka. Ká ní finọ́fútálíìnì lo lò dípò mẹ́táìlì ọ̀rẹ́ǹjì. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń parẹ́ nígbà tí kábónéètì bá di báíkábónéètì, ìyẹn ní agbedeméjì ọ̀nà. Iye A á jẹ́ nǹkan bí 12.45 cm³, gbogbo wọn á sì bára mu dáadáa. Ìṣirò á wá fún ọ ní x tó jẹ́ 26. Tí o bá rí iye A tó jẹ́ ìdajì ohun tí o retí, tàbí x tó fò sókè báyìí, atọ́ka ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́yìn èyí, ìwé kan náà lè di púpọ̀. Sọ pìpẹ́ẹ̀tì di 20.0 cm³, kí o sì sọ iye A kó tó di pé o ṣe é: ó máa wá sí nǹkan bí 19.90. Nígbà tí o bá ń máàkì ara rẹ, máàkì àtẹ lọ́tọ̀, ìṣirò lọ́tọ̀. Àwọn kan mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara wọn, àtẹ wọn ló ń jẹ wọ́n níyà.

Iyọ̀ tí a ò mọ̀

Ìbéèrè pírátíkà tó ní ká wá ohun tó wà nínú iyọ̀ kan náà ṣeé fi ìwé àtijọ́ kọ́ bí taitiréṣọ̀n. Àdánwò, àkíyèsí, àbájáde: ọ̀nà mẹ́ta yìí ni kí o máa pín ojú ìwé sí. Bo ọ̀nà tó gbẹ̀yìn nínú ìdáhùn àtijọ́, kí o ka àkíyèsí, kí o sì kọ àbájáde fúnra rẹ. Ká ní wọ́n da omi NaOH sínú omi C, ìyẹn omi tí iyọ̀ náà wà nínú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun jáde, nígbà tí wọ́n sì fi NaOH kún un sí i, ó yòrò. Zn²⁺, Al³⁺ tàbí Pb²⁺ ló lè jẹ́. Má tíì yan ọ̀kan. Wọ́n wá fi omi ámóníà ṣe é, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tún jáde, ó sì tún yòrò nígbà tó pọ̀. Nísinsìnyí la tó lè kọ Zn²⁺, torí ti Al³⁺ àti Pb²⁺ kì í yòrò nínú ámóníà tó pọ̀.

"Ó di funfun" kò tó fún àkíyèsí. Kọ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde, kọ àwọ̀ rẹ̀, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí nǹkan náà pọ̀. Tí o bá da NaOH púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti síńkì lè yòrò kí ojú rẹ tó rí i, o ó sì kọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí i pé kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mú omi C tuntun, kí o fi ẹ̀kán kan péré bẹ̀rẹ̀.

Gáàsì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Tí o bá kọ "CO₂ jáde" sí ibi àkíyèsí, àbájáde lo kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fojú rí CO₂. Kọ pé ó hó, pé gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn jáde, pé ó sọ omi ẹfun di bíi wàrà. CO₂ á wá wà ní ọ̀nà kẹta. Bákan náà ni omi tó mọ́ gaara kò fi dandan jẹ́ omi tí kò ní àwọ̀. Omi CuSO₄ mọ́ gaara, àwọ̀ búlúù ló sì ní.